Dátábéèsì ti jí, ìkànnì kò mọ̀: bí a ṣe tún ìkànnì àdìrẹ wa tò sórí sóònù mẹ́ta

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló kọ́kọ́ pè mí. Aago 10:14 òwúrọ̀ ni, nínú ọ̀sẹ̀ ọdún Lísàbí tí ọjà máa ń yá jù. "Ọmọ mi, àwọn oníbàárà mi ní àwọn tẹ ibi ìsanwó, ó kàn ń yí bírí ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, mo máa wò ó báyìí." Inú ọkọ̀ ni mo wà ní Láfẹ́nwá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti dí ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlèwó, tí mo ṣí kọ̀ǹpútà, tí mo fẹ́ tan àwọn sáfà wẹ́ẹ̀bù pa kí n tún wọn tàn, aago 10:28 ti lù, ìkànnì náà sì ti padà sípò fúnra rẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìkànnì yìí kì í ṣe èyí tí a kọ́ sójú kan. Mo ti sọ fún àwọn oníṣòwò wa pé bí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí sáfà wa wà bá kú, ìkànnì kò ní kú. Ilé kan kú lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn oníṣòwò sì pàdánù ìṣẹ́jú 16 nínú ọjà tí wọ́n ti ń retí láti ọdún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe tò ó nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tí a ń yá sáfà lọ́wọ́ wọn pín ibùdó wọn ní agbègbè kan ṣoṣo sí sóònù mẹ́ta. Sóònù kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, iná tirẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀ àti okùn nẹ́tíwọọ̀kì tirẹ̀. Wọ́n jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí iná tó bá sọ ní ọ̀kan kò ní ran èkejì, síbẹ̀ wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín wọn ní bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 1 sí 2. Nínú mẹ́ta yìí, méjì péré la lò, kí owó má bàa pọ̀. Sáfà wẹ́ẹ̀bù méjì wà ní sóònù A, méjì ní sóònù B, lódù bálánsà kan sì wà níwájú wọn tó ń pín àwọn oníbàárà fún wọn. PostgreSQL ni dátábéèsì wa. Olórí rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gba ohun tuntun wọlé, wà ní sóònù A, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní sóònù B. Patroni ló ń ṣọ́ àwọn méjèèjì: bí olórí bá kú, ó máa fi ẹ̀dà jẹ olórí. Patroni ń kọ orúkọ olórí sínú etcd, ibi ìpamọ́ kékeré tí gbogbo wọn jọ ń wò, etcd yìí sì wà lórí sáfà kéékèèké mẹ́ta, ọ̀kan ní sóònù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjì tó bá ṣẹ́kù lè máa dìbò lọ bí ẹnì kan bá sọnù. Ìyẹn nìkan ni ohun tó wà ní sóònù C.

Ní aago 10:12 ọjọ́ náà, sóònù A lọ pátápátá: iná, nẹ́tíwọọ̀kì, gbogbo rẹ̀. Mo ṣí lọ́ọ̀gù Patroni, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe, mo sì rí i pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí a ṣe ṣètò rẹ̀, olórí gbọ́dọ̀ máa tún orúkọ ara rẹ̀ kọ sínú etcd, orúkọ náà kì í sì í gbé ju sẹ́kọ́ńdì 30 lọ bí kò bá tún un kọ. Orúkọ yẹn parẹ́, ẹ̀dà tó wà ní B gba ipò, dátábéèsì sì ti ń gba ohun tuntun kí aago tó lu 10:13. Àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn sáfà wẹ́ẹ̀bù fi ń wá dátábéèsì náà ti yí sí ti olórí tuntun ní kíá. Sáfà wẹ́ẹ̀bù méjì tó wà ní B kò kú, dátábéèsì tuntun wà nínú sóònù kan náà pẹ̀lú wọn, síbẹ̀ wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Níbo ni ìṣẹ́jú 15 yẹn lọ?

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Ohun tó tọ́ka ọ̀nà fún mi ni pé gbogbo àṣìṣe tó wà nínú lọ́ọ̀gù sáfà wẹ́ẹ̀bù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ síra wọn, ní aago 10:27 kọjá díẹ̀. Gbogbo wọn ní ìsopọ̀ àwọn pẹ̀lú dátábéèsì ti já nítorí pé àkókò ti tán. Àkókò wo? Àwa kò fi gbèdéke kankan síbẹ̀. Linux fúnra rẹ̀ ló ní gbèdéke yẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí ìkànnì lè yára, sáfà wẹ́ẹ̀bù kì í ṣí ìsopọ̀ tuntun sí dátábéèsì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣí bíi mélòó kan sílẹ̀, ó ń lò wọ́n lọ lò wọ́n bọ̀. Bí a bá tan dátábéèsì pa pẹ̀lú ọwọ́ wa, sáfà rẹ̀ máa ránṣẹ́ ìdágbére sí gbogbo ìsopọ̀ yẹn, sáfà wẹ́ẹ̀bù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì wá olórí tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé tí sáfà náà wà bá kú lójijì, kò sí ẹni tó máa dágbére. Sáfà wẹ́ẹ̀bù ránṣẹ́, kò gbọ́ èsì. Linux rò pé bóyá ọ̀rọ̀ náà sọnù lójú ọ̀nà ni, ó tún un rán lẹ́yìn ìdá 0.2 sẹ́kọ́ńdì, lẹ́yìn náà 0.4, lẹ́yìn náà 0.8, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí tó fi dé sẹ́kọ́ńdì 120, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Bí ẹ bá ka iye ìgbà tó máa gbìyànjú, ẹ rí i níbí:

```
$ sysctl net.ipv4.tcp_retries2
net.ipv4.tcp_retries2 = 15
```

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgbìyànjú 15 ní ìdúró 16, nítorí pé ó tún ń dúró lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ìdúró 10 àkọ́kọ́, láti 0.2 dé 102.4, jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 204.6 lápapọ̀. Ó ku ìdúró 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120, ìyẹn 720. Àròpọ̀ wọn jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 924.6, ìṣẹ́jú 15 àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìnlélógún ó lé díẹ̀. Ẹ fi kún 10:12, ẹ rí ibi tó já sí. Nígbà tí iye yẹn jáde lórí ìwé mi, mo dìde lórí àga.

Kò tán síbẹ̀. Sáfà wẹ́ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ 8 nínú, ìyẹn ni pé ó lè dá ènìyàn 8 lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà mẹ́jọ àkọ́kọ́ lórí sáfà kọ̀ọ̀kan tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó lẹ́yìn 10:12 ti gbé gbogbo wọn, olúkúlùkù ń dúró de òkú. Lódù bálánsà wa sì ní àyẹ̀wò ìlera tó ń ṣe lórí sáfà kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá mẹ́wàá, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé kí àyẹ̀wò yẹn máa bi dátábéèsì léèrè ọ̀rọ̀ kan ná. Àyẹ̀wò náà kò rí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù tó máa dá a lóhùn. Ó ka sáfà B méjèèjì kún òkú, ó yọ wọ́n. Bí àìsàn dátábéèsì kan ṣoṣo ṣe pa gbogbo wẹ́ẹ̀bù nìyẹn, tó fi mọ́ àwọn tí ara wọn le.

Kí wá ló dé tí a kò rí i ṣáájú? A ti dán an wò rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ọ̀nà tí a fi dán an wò ni ó burú: `systemctl stop patroni`. Àṣẹ yẹn ń jẹ́ kí dátábéèsì dágbére dáadáa kó tó lọ. Nínú àdánwò wa, ìkànnì máa ń padà láàárín sẹ́kọ́ńdì 10, inú wa sì ń dùn. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọ́n sọ fún un pé bàbá kò sí nílé máa lọ wá ibòmíì. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn kankan nínú ilé á ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èyí àkọ́kọ́ nìkan la ti ń dán wò.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kó tó di pé mo tún nǹkan kan ṣe ni láti mú ìdákẹ́jẹ́ náà wá. Lórí sáfà àdánwò tí mo tò bí ti gidi, mo lo èyí lórí olórí dátábéèsì:

```
nohup sh -c 'sleep 1500; iptables -D INPUT -j DROP; iptables -D OUTPUT -j DROP' &
iptables -I INPUT -j DROP; iptables -I OUTPUT -j DROP
```

Ìlà àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé lẹ́yìn ìlà kejì ẹ kò ní lè wọ sáfà yẹn mọ́ láti yí i padà. Òun ló ń dúró níbẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25. `DROP` ń gbé ọ̀rọ̀ tó wọlé mì láì dáhùn. Ẹ má lo `REJECT`, nítorí pé ìyẹn ń dáhùn pé "rárá". Ìkànnì àdánwò náà kú fún ìṣẹ́jú 15 àti ààbọ̀. Àìsàn gan-an ti wà lójú tábìlì, a lè wá wò ó sàn.

Ìwòsàn rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí sáfà wẹ́ẹ̀bù fi ń sopọ̀ mọ́ dátábéèsì. Báyìí la kọ ọ́ báyìí, lórí ìlà kan:

```
postgresql://aso@db-a,db-b,db-d/adire?target_session_attrs=read-write&connect_timeout=3&tcp_user_timeout=10000&keepalives_idle=10&keepalives_interval=5&keepalives_count=3
```

Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ dípò ọ̀kan, `read-write` sì ń sọ fún sáfà wẹ́ẹ̀bù pé kó wá èyí tó ń gba ohun tuntun nínú wọn, kó má ṣe dúró de àdírẹ́ẹ̀sì tó ń yí. `connect_timeout` ní kó má ju sẹ́kọ́ńdì 3 lọ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. `tcp_user_timeout` ló pa ìṣẹ́jú 15 yẹn: mìlísẹ́kọ́ńdì 10,000, ìyẹn sẹ́kọ́ńdì 10. Bí ọ̀rọ̀ tí a rán kò bá rí ìdáhùn pé ó dé láàárín àkókò yẹn, kí Linux já okùn náà. Ó nílò PostgreSQL 12 sókè lọ́dọ̀ ẹni tó ń sopọ̀.

Ènìyàn lè bi mí pé kí ni mẹ́ta tó kù wà fún, tí èyí bá ti ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wa dé, kí dátábéèsì gbà á, kí ó wá kú nígbà tó ń ṣe ìṣirò èsì lọ́wọ́. Níbẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ wa kankan tó ń dúró de ìdáhùn, `tcp_user_timeout` nìkan kò ní jí. Àwọn `keepalives` ni ó máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 10 ìdákẹ́jẹ́ láti mọ̀ bóyá ènìyàn ṣì wà nínú ilé. Bí a kò bá kọ iye tiwa síbẹ̀, Linux máa dúró sẹ́kọ́ńdì 7200 kó tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí méjì gbáko nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, mo tún àyẹ̀wò ìlera kọ. Ó ń béèrè báyìí bóyá sáfà wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò bi í nípa dátábéèsì mọ́. Ìṣòro dátábéèsì ní ìkìlọ̀ tirẹ̀ tó ń wá sórí fóònù wa. Yíyọ sáfà wẹ́ẹ̀bù kúrò kò lè wo dátábéèsì sàn, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ òun ni ìjìyà rẹ̀.

Mo tún àdánwò ṣe. Ìkànnì padà lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 47. Inú mi dùn fún bíi ìdajì wákàtí, títí tí ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣe ìṣírò owó fi wọlé tó ní, "Bọ̀dá, ọ̀dà kan náà tí oníbàárà ṣe láti ra aṣọ ni mo rí lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ àdánwò yìí. Iye kan náà, ẹni kan náà."

Ó rí òtítọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tún ni. Sáfà wẹ́ẹ̀bù sọ fún dátábéèsì pé "fi í pamọ́", kò gbọ́ èsì, okùn já lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 10, ó sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dọ̀ olórí tuntun. Ṣùgbọ́n olórí àtijọ́ ti fi í pamọ́, ó ti dà á kọ sí ẹ̀dà, kó tó kú. Ẹni tó rán ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ èsì kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Nígbà tí àkókò ìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú 15, oníbàárà ti pa fóònù kó tó tún un gbìyànjú, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí i rí. Bí a ṣe mú ìkànnì yára láti tún gbìyànjú ni a mú kó rọrùn láti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Nísinsìnyí, fóònù oníbàárà ló ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà ọ̀dà kí ó tó ránṣẹ́ rárá, nọ́ńbà yẹn kan náà ló sì ń lò bó bá tún un gbìyànjú. Dátábéèsì kò gbà kí nọ́ńbà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì:

```
INSERT INTO oda (nomba, oja, iye) VALUES ($1, $2, $3)
ON CONFLICT (nomba) DO NOTHING;
```

Ẹ ó ti rí `db-d` nínú àdírẹ́ẹ̀sì tí mo kọ sókè. Òun ni ẹ̀dà kejì tí a fi kún un, ní sóònù C, òun ló sì ná wa lówó jù. Ìdí tí mo fi jà fún un nìyí. Nítorí owó àsansílẹ̀ àwọn ènìyàn, a ní kí olórí má ṣe sọ pé òun ti fi ohun kan pamọ́ títí tí ẹ̀dà kan ní sóònù mìíràn fi jẹ́rìí sí i. Èyí ń fi bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 2 kún ọ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀n tiwa, kò sí oníbàárà tó lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ̀dà yẹn sọnù, ẹ ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí olórí kọ̀ láti gba ohunkóhun títí ẹlẹ́rìí fi máa padà, tàbí kó máa gbà á lọ láìsí ẹlẹ́rìí. Patroni gba àwọn méjèèjì láyè: `synchronous_mode: true` yóò jẹ́ kó máa lọ láìsí ẹlẹ́rìí, bí a bá fi `synchronous_mode_strict: true` kún un, yóò mú un dúró. Pẹ̀lú sóònù méjì, mo ní láti yan èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ tí A lọ, B ń gba owó àwọn ènìyàn láìsí ẹlẹ́rìí fún wákàtí mẹ́rin tí A fi padà. Bí B náà bá lọ láàárín ìgbà yẹn, àkọsílẹ̀ wọn á bá a lọ. Pẹ̀lú ẹ̀dà méjì ní sóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀kan bá sọnù, ẹlẹ́rìí ṣì ku ọ̀kan, mo sì lè fi `strict` síbẹ̀ láì bẹ̀rù.

Ọ̀gá tó ń sanwó bi mí pé ṣé sóònù kẹta kò ní sọ owó di ìlọ́po. Lọ́dọ̀ àwọn sáfà wẹ́ẹ̀bù, ó tilẹ̀ dín in kù. Ọjà ọdún Lísàbí gba agbára sáfà mẹ́rin. Bí a bá wà ní sóònù méjì tí a sì fẹ́ kí ọ̀kan tó ṣẹ́kù lè gbé gbogbo rẹ̀, mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, mẹ́jọ lápapọ̀. Bí a bá wà ní mẹ́ta, méjì ní sóònù kọ̀ọ̀kan tó: bí ọ̀kan bá lọ, mẹ́rin ló kù, mẹ́fà lápapọ̀. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin péré la ní, ìyẹn ni pé bí gbogbo nǹkan yòókù bá tilẹ̀ lọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, sáfà méjì ni ì bá ru ẹrù mẹ́rin. Ẹnì kan lè ní ká fi mẹ́rin sílẹ̀ ká sì yá sí i lọ́jọ́ tí sóònù bá lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ènìyàn tó wà ní sóònù tó kú máa sáré lọ sí àwọn tó kù láti yá sáfà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò sí mọ́.

Ohun tí ìtò yìí kò lè ṣe náà wà. Bí ẹnì kan nínú wa bá ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ ọ̀dà rẹ́, àwọn ẹ̀dà méjèèjì máa pa á rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì díẹ̀. Nítorí èyí ni a fi ń gbé àkọsílẹ̀ alaalẹ́ lọ síbòmíràn, níta agbègbè yẹn pátápátá, ibẹ̀ náà la sì máa yíjú sí bí agbègbè náà lódindi bá lọ. Ìyẹn máa gba wákàtí, kì í ṣe sẹ́kọ́ńdì, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀.

A ń ṣe àdánwò ìdákẹ́jẹ́ yìí báyìí ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lórí ìkànnì gidi, ní aago 3 òru, sóònù kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú èyí tó kẹ́yìn, nígbà tí a pa A, ìkànnì padà lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 44, kò sí ọ̀dà tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ fún wọn pé owó ti wọlé títí A fi padà. Ètò tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ wà lórí sáfà kan ṣoṣo, ní sóònù A, láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán tí a yà. Bí mo bá kàn gbé e sórí sóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá Ìtòkú á gba àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta fún owó kan, nítorí náà mo ń kọ ọ́ kí èyí tó bá fẹ́ ránṣẹ́ nínú wọn kọ́kọ́ ti ìlà ọ̀dà náà pa nínú dátábéèsì kí àwọn tó kù má bàa fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí.